Ìdí tí ṣíìtì yín fi ń pe ojú owó ní èrè

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dá tajà lórí WhatsApp àti Instagram ní Àkúrẹ́ ló ti ní ṣíìtì lórí fóònù báyìí, ìbáà jẹ́ Google Sheets tàbí Excel. Wọ́n ń kọ iye tí wọ́n tà, wọ́n ń kọ iye tí wọ́n ná, wọ́n á yọ ọ̀kan nínú èkejì, wọ́n á sì pe ohun tó ṣẹ́ kù ní èrè. Ìṣirò náà kò láṣìṣe, ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ló ní. Àwọn àṣìṣe kan wà tó ń jẹ́ kí èèyàn máa jẹ ojú owó rẹ̀ lójoojúmọ́, kó sì rò pé èrè lòun ń jẹ, títí ọjọ́ tí yóò fẹ́ lọ ra ọjà míì tí owó kò ní pé.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ta báàgì láti ilé rẹ̀ ní Alágbàká ṣe àpẹẹrẹ. Ó lọ sí ọjà Balógun l'Ékòó, ó ra báàgì 20 ní ₦7,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦150,000 nìyẹn. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, owó ẹrù àti owó alábàárù jẹ́ ₦30,000. Ó ń ta báàgì kan ní ₦13,000. Lóṣù yẹn ó ta 12, ₦156,000 sì wọlé.

Bó bá kọ gbogbo ₦180,000 yẹn sí ìnáwó oṣù náà, ṣíìtì á sọ fún un pé ó pàdánù ₦24,000. Lóṣù kejì kò ní lọ sí Èkó, yóò ta báàgì 8 tó kù, ṣíìtì á sì sọ pé ₦104,000 ni èrè. Irọ́ ni méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ á dẹ́rù bà á, èkejì á sì mú un náwó tí kì í ṣe èrè. Báàgì tó ṣì wà nínú ilé kò tíì di ìnáwó, owó yín náà ni, ó kàn wà ní ìrísí ọjà. Ọjọ́ tó bá jáde nílé fún oníbàárà ni iye tó ná yín máa wọ ìṣirò èrè. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ owó tí ẹ fi ra ọjà pọ̀ mọ́ owó dátà àti owó ìpolówó. Ojú ìwé tirẹ̀ ni kó ní.

Àwọn míì mọ èyí, àmọ́ iye tí wọ́n rà á lọ́jà nìkan ni wọ́n ń yọ. Wọ́n á ní ₦13,000 tí a yọ ₦7,500 kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ ₦5,500, ní ọ̀nà 12, èrè jẹ́ ₦66,000. Wọ́n gbàgbé pé báàgì náà kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Àkúrẹ́. Ẹ pín ₦30,000 ìrìn àjò sí báàgì 20, ₦1,500 máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye tí báàgì kan ná an kó tó wọlé rẹ̀ jẹ́ ₦9,000. Bó bá jẹ́ pé ọjà oríṣiríṣi lẹ rà nínú ìrìn àjò kan náà, ẹ má ṣe pín owó ọkọ̀ bákan náà fún wọn, nítorí pọ́ọ̀sì kékeré kò lè ru ẹrù kan náà pẹ̀lú báàgì ńlá. Ẹ pín in gẹ́gẹ́ bí owó tí ẹ fi ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦30,000 lórí ₦150,000 jẹ́ 20 kọ́bọ̀ lórí náírà kan, nítorí náà ohun tí ẹ rà ní ₦2,000 máa gbé ₦400.

Ẹ wá wo oṣù yẹn dáadáa. Lórí báàgì kan, ₦4,000 ló kù, ní ọ̀nà 12, ₦48,000. Ó ra ọ̀rá àti káàdì ìdúpẹ́ ní ₦300 fún báàgì kọ̀ọ̀kan, ₦3,600. Ó ṣèlérí pé òun máa gbé ọjà lọ fún èèyàn márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́, ọlọ́kadà sì gba ₦1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦7,500. Dátà gba ₦5,000, ìpolówó ₦8,000, owó tí báńkì yọ ₦400. Tí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀, ₦23,500 ni èrè. Ẹni tó rò pé òun jèrè ₦66,000, tó sì mú ₦40,000 nínú rẹ̀ fún oúnjẹ àti aṣọ, ti jẹ ₦16,500 nínú ojú owó rẹ̀ láìmọ̀. Kò ní fura, nítorí owó tó ku nínú àkáǹtì ṣì pọ̀ lójú rẹ̀.

Ṣíìtì tó lè fi èyí hàn kò le. Ojú ìwé tí ẹ sọ ní Tita yóò ní òpó wọ̀nyí: A ọjọ́, B ọjà, D iye tí ẹ ta ọ̀kan, E iye tí ọ̀kan ná yín kó tó délé, F ohun tí ẹ ná lórí ọjà yẹn gan-an (ọ̀rá, ọlọ́kadà tí ẹ̀yin san), G èrè. C tó wà láàárín B àti D ni iye ọjà tí ẹ tà. Nínú G2, ẹ kọ èyí, kí ẹ sì fà á wá sí àwọn ìlà ìsàlẹ̀:

```
=C2*(D2-E2)-F2
```

Ojú ìwé kejì, Inawo, ni ti dátà, ìpolówó àti owó báńkì: A ọjọ́, B ohun tó jẹ́, C iye. Lójú ìwé mìíràn, èrè oṣù náà ni:

```
=SUM(Tita!G:G)-SUM(Inawo!C:C)
```

Mo kọ ọ́ ní G:G, kì í ṣe G2:G50, nítorí èyí tó bá dúró sí ìlà 50 kò ní ka ọjà tí ẹ kọ sí ìlà 51, kò sì ní kígbe. Ẹ lo ṣíìtì tuntun lóṣooṣù, kí oṣù kan má bàa wọnú òmíràn.

Àṣìṣe kan wà tí ẹni tó mọ ṣíìtì dáadáa gan-an máa ń ṣe, òun ló sì ń bí mi nínú jù, nítorí ó dà bí ọgbọ́n. Wọ́n á kọ iye owó ọjà sí àtòkọ kan ṣoṣo, wọ́n á wá fi VLOOKUP fà á wọ òpó E. Ó ń dín ìkọ̀wé kù lóòótọ́. Àmọ́ ọjà wọ́n sí i. Ìrìn àjò kejì, báàgì di ₦9,500, pẹ̀lú owó ọkọ̀ ó di ₦11,000. Ó yí iye inú àtòkọ padà, ṣíìtì sì yí gbogbo títà àtijọ́ padà pẹ̀lú rẹ̀. Báàgì 12 tó ti tà lóṣù tó kọjá á gbé ₦2,000 sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦24,000 lápapọ̀, èrè ₦23,500 á sì di àdánù ₦500, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú ayé. Ẹ tẹ iye náà sínú E fúnra yín lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kó dúró síbẹ̀. Títí báàgì àtijọ́ á fi tán, ₦9,000 ni kí ẹ máa kọ. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ₦11,000. Ọjọ́ yẹn gan-an ni òpó G máa fi hàn yín pé tí ẹ bá ṣì ń ta á ní ₦13,000, tí ẹ sì ń gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ₦200 péré ló ń kù lórí báàgì kan. Owó títà gbọ́dọ̀ gòkè, tàbí kí oníbàárà san owó ọlọ́kadà.

Nígbà tí oníbàárà bá san án, ẹ má ṣe kọ ọ́ sí títà. Ẹni tó wà nílùú Oǹdó fi ₦15,000 ránṣẹ́, ₦13,000 fún báàgì, ₦2,000 kí ẹ fi gbé e lọ sí páàkì. ₦2,000 yẹn kì í ṣe tiyín, ó kàn gba ọwọ́ yín kọjá ni. Ẹ kọ ₦13,000 sí D. Tí awakọ̀ bá gba ₦2,500, ₦500 tí ẹ fi kún un ló máa wọ F.

Owó tí ẹ mú lò fún ara yín kò gbọ́dọ̀ wọ Inawo. Ojú ìwé tirẹ̀ ni kó ní, nítorí owó ilé ìwé ọmọ kì í ṣe ìnáwó báàgì. Lópin oṣù, ẹ fi àròpọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè. Tó bá ju èrè lọ, iye tó fi jù ú ni ẹ jẹ nínú ojú owó. Ti àwìn, ọjọ́ tí ọjà jáde lẹ máa kọ títà, kí ẹ sì fi òpó H sàmì sí ẹni tí kò tíì san.

Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà tẹ nọ́ńbà náà ń dá ìyà sílẹ̀. Ẹni tó kọ 13k, tàbí 8000 owó ìpolówó pọ̀ sínú àpótí kan, ti sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀ lásán. Nínú Tita, ṣíìtì á kígbe, ẹ ó rí #VALUE! nínú G. Nínú Inawo, kò ní kígbe rárá: SUM á kàn fò ó, ìnáwó á dín kù, èrè á dà bíi pé ó pọ̀. Ẹni tó kọ 13.000 dípò 13,000 á rí 13. Ohun tí ẹ fi lè mọ̀ ni pé nọ́ńbà máa ń fara ti apá ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ sì máa ń fara ti apá òsì. Ẹ tún lè kọ èyí síbì kan tí kì í ṣe òpó C nínú Inawo:

```
=COUNTA(Inawo!C:C)-COUNT(Inawo!C:C)
```

Tó bá mú 1 wá, àkọlé òpó náà nìkan ni. Tó bá ju 1 lọ, nọ́ńbà kan ti di ọ̀rọ̀. Ti ọjọ́, ẹ kọ ọ́ báyìí: 2026-04-03, kí ṣíìtì má bàa sọ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí ẹ tó ka owó, ẹ ka báàgì. Ẹni tó ra 20, tí ṣíìtì sọ pé ó ti ta 12, gbọ́dọ̀ bá 8 nílé. Tó bá bá 7, ọ̀kan ti jáde láìkọ: ó fi ta ẹnì kan lọ́rẹ, oníbàárà gbà á láwìn, ó ya, tàbí ó tà á lálẹ́ tó sì sùn. Tí kò bá rántí, kó kọ ọ́ sí Tita pẹ̀lú 1 nínú C, 0 nínú D àti ₦9,000 nínú E. G á di -9,000, èrè oṣù náà á sì dín kù bó ṣe yẹ.