Hẹ́kítà kan ní ₦66 mílíọ̀nù: bí mo ṣe ṣírò iye tí pílọ́ọ̀tì kan máa ná wa

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta ló ní kí n lọ wádìí ilẹ̀ kan lọ́nà Ìmọ́tà, ní Ìkòròdú. Ẹbí tó ni ín kò fẹ́ gé e tà ní pílọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Odidi hẹ́kítà ni wọ́n ń tà, ₦66 mílíọ̀nù. Éjẹ́ǹtì tó mú ọjà náà wá ti bá wa ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó béèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pílọ́ọ̀tì mẹ́rìndínlógún ló wà nínú hẹ́kítà kan. Ẹ kó èèyàn mẹ́rìndínlógún jọ, mílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lẹnì kọ̀ọ̀kan máa mú wá."

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ti ìwé. Hẹ́kítà kan jẹ́ ilẹ̀ tó gùn ní 100 mítà tó sì fẹ̀ ní 100 mítà, tàbí ilẹ̀ mìíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀: 10,000 sùkúéà mítà. Pílọ́ọ̀tì ni kò ní ìwọ̀n kan pàtó. Èyí tí a mọ̀ jù l'Ékòó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, ó sì gùn ní 120, tí àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ máa ń kọ sílẹ̀ ní mítà 18 sí 36. Ìyẹn jẹ́ 648 sùkúéà mítà. Ṣùgbọ́n ẹ óò rí ẹni tó ń ta ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, tí kò pé 465, tí yóò sì fi gbogbo ẹnu pè é ní pílọ́ọ̀tì. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi éjẹ́ǹtì ni pé, "Sùkúéà mítà mélòó ni pílọ́ọ̀tì tìrẹ?" Kò dáhùn. Mo bá fi 16 pín 10,000, ó já sí 625. Pílọ́ọ̀tì tirẹ̀ kò pé ìwọ̀n, kò sì fi ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn yóò gbà sílẹ̀.

Tí a bá fi 10,000 pín ₦66 mílíọ̀nù, sùkúéà mítà kan jẹ́ ₦6,600. Fi 648 sọ ọ́ di púpọ̀, pílọ́ọ̀tì kan di ₦4,276,800. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ń dúró sí. Iye yẹn tọ̀nà fún ẹni tó bá ń ra ilẹ̀ tí títì ti yí ká. Ẹni tó ra odidi hẹ́kítà ló ra ilẹ̀ títì náà, òun náà ló ra ilẹ̀ gọ́tà, kò sì sí ẹni tí yóò kọ́lé sórí wọn.

Mo mú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan tó ní ìwé àṣẹ lọ síbẹ̀. Kí ó tó fi ẹ̀rọ mú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rìn yí ilẹ̀ náà ká, ó sì tẹsẹ̀ dúró lẹ́yìn pátápátá, níbi tí koríko ti tutù yàtọ̀ sí ti iwájú. Ó fi gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ tẹ ilẹ̀, omi sun jáde. Ó ní, "Ojú omi nìyí. Ẹ má ka apá ibí mọ́ ohun tí ẹ máa pín."

Nígbà tó ya àwòrán ìpín, ó fi títì tó fẹ̀ ní mítà 10 la àárín já, pílọ́ọ̀tì márùn-ún lápá kan, márùn-ún lápá kejì. Ó tún fi títì mítà 10 sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ̀ ní mítà 18 ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn. Ó fi pílọ́ọ̀tì kan lélẹ̀ níbẹ̀ ní ìbú, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún omi. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ pílọ́ọ̀tì mọ́kànlá. Títì méjèèjì gba 1,900 sùkúéà mítà, ojú omi gba 972, àpapọ̀ 2,872. Ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ tí a fẹ́ sanwó fún.

Fi 11 pín ₦66 mílíọ̀nù: mílíọ̀nù mẹ́fà géérégé. Iye pílọ́ọ̀tì kan nìyẹn, kí a tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà.

Owó ìwọnlẹ̀ pín sí méjì, èyí sì máa ń ya àwọn tó ń ra ilẹ̀ lápapọ̀ lẹ́nu. Àkọ́kọ́ ni ti odidi ilẹ̀ yíká, ₦1.1 mílíọ̀nù, tí ó bọ́ sí ₦100,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Inú owó yìí náà ni wọ́n ti mú nọ́ńbà igun, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà, lọ sí ọ́fíìsì Sọ́féyọ̀ Jẹ́nẹ́rà ní Aláùsá, láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà wà lábẹ́ ohun tí ìjọba ti gbà. Mo ní kí éjẹ́ǹtì má tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí èsì yóò fi jáde. Ẹbí ti fi gàsẹ́ẹ̀tì hàn wá pé ìjọba ti yọ̀ǹda abúlé wọn padà fún wọn, ṣùgbọ́n gàsẹ́ẹ̀tì abúlé kò sọ pé ilẹ̀ tí wọ́n ń fi hàn ọ́ wà nínú ààlà tó wà nínú gàsẹ́ẹ̀tì náà. Nọ́ńbà igun ló ń sọ ìyẹn. Tiwa bọ́ sínú rẹ̀.

Owó ìwọnlẹ̀ kejì ni ti pílọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ₦400,000: òpó kọnkéré tó ní nọ́ńbà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwé ìwọnlẹ̀ lórúkọ ẹni tó rà á, àti ẹ̀dà kan tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ní Aláùsá. Ìwé tí kò ní ẹ̀dà níbẹ̀, ọjọ́ tí o bá fẹ́ lò ó ni yóò dójú tì ọ́.

Lọ́yà wa ní ọ́fíìsì ní Ìgbósẹ̀rẹ̀, l'Ékòó Ìsàlẹ̀. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà, ₦300,000 lórí pílọ́ọ̀tì kan. Ẹlòmíràn á ní ìdá mẹ́wàá. Ohun tó jẹ́ kí n kà á sí owó tó tọ́ ni bó ṣe to iṣẹ́ náà. Èrò àwa ni pé kí ẹbí kọ ìwé kan fún ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ wá pín in fún ọmọ ẹgbẹ́. Lọ́yà náà kọ̀. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé méjì ni pílọ́ọ̀tì kan yóò ní, ìnáwó ìlọ́po méjì sì ni nígbà tí a bá fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹbí fọwọ́ sí ìwé mọ́kànlá tààrà, pẹ̀lú ìwé ìwọnlẹ̀ pílọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ri òpó kí ìwé tó jáde. Ó sì ní olórí ẹbí nìkan kò tó, kí olórí ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Tí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, títà náà kò jẹ́ nǹkan kan lójú òfin. Tó bá wà níbẹ̀ tí olórí ojúlé kò sí, wọ́n lè gba kóòtù lọ fagi lé e.

Éjẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá, a jọ parí rẹ̀ sí márùn-ún, ₦300,000.

Ohun tí mo gbé síwájú ìpàdé lórí pílọ́ọ̀tì kan nìyí: ilẹ̀ ₦6,000,000, ìwọnlẹ̀ méjèèjì ₦500,000, lọ́yà ₦300,000, éjẹ́ǹtì ₦300,000. Àpapọ̀ ₦7,100,000. Ẹni márùn-ún yọwọ́ lójú ẹsẹ̀, a sì fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ẹni tó gba pílọ́ọ̀tì oníbùú lẹ́yìn ní kí a dín owó tirẹ̀ kù nítorí omi. A dín ₦550,000, àwọn mẹ́wàá tó kù fi ₦55,000 kún tiwọn. Owó ìfọwọ́sí Gómìnà lórí ìwé ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò ṣe tirẹ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ bá ká a.