Ìkànnì kò ṣí: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń wádìí bóyá àwa nìkan ni

Bí ìkànnì bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹni tí ó wà nítòsí ni a sábà máa ń bi pé, "Ṣé ó ń ṣí lọ́dọ̀ tìrẹ?" Bó bá jẹ́ pé waifai kan náà lẹ jọ ń lò, tó sì ní kò ṣí, ìdáhùn rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni fóònù méjèèjì ń gbà jáde, ohun tó bá sì dí i fún ọ̀kan ti dí i fún èkejì. Ẹ pa waifai, kí ẹ tan dátà. Bí ráútà yín bá jẹ́ ti MTN, tí síìmù inú fóònù náà sì jẹ́ MTN, ẹ ò tíì kúrò lójú kan. Síìmù Airtel tàbí Glo ló lè fi nǹkan mìíràn hàn yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá lọ sí ìkànnì tó ń báni yẹ̀ ẹ́ wò láti ìta. Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ ká ní ojú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wọlé wo èsì ni kò ṣí, `https://portal.example.com/login`. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ `example.com` lásán, wọ́n á rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa fóònù wọn tàn. Ojú ìwé àkọ́kọ́ lè wà lórí sáfà kan, kí ibi ìwọlé wà lórí òmíràn tó ti kú. Àdírẹ́sì tó kọ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe àdàkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ má sì gba ẹ̀rí sáfà kan ṣoṣo. `check-host.net` máa ń yẹ àdírẹ́sì wò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lẹ àdírẹ́sì yẹn síbẹ̀, kí ẹ tẹ `HTTP`, ẹ má tẹ `Ping`. Ọ̀pọ̀ sáfà ni wọ́n ti sọ fún pé kó má dá ping lóhùn, nítorí náà ìkànnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè dà bí òkú níbẹ̀.

Bí gbogbo ìlú bá mú `200` wá, ìkànnì náà wà láàyè, ọ̀dọ̀ yín tàbí ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tà yín ní dátà ni ìṣòro wà. Bí ó bá jẹ́ `502` tàbí `503` ni gbogbo wọn rí, iṣẹ́ ti dàrú nínú ilé onílé, ẹ kò lè tún un ṣe, ẹ dúró. `403` ló ń tan èèyàn jẹ jù. Sáfà náà jí, ó gbọ́, ó kàn kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó kàn án ni. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò yẹn nìkan ló lé, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn.

Bí gbogbo ìlú òkèèrè bá ní `Connection timed out`, ẹ má tíì kéde pé ó ti wó. Àwọn ìkànnì kan wà tí kì í gba àdírẹ́sì ilẹ̀ òkèèrè wọlé rárá. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, ni kó bá yín ṣí i kó tó dá yín lójú.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin de Twitter, àyẹ̀wò láti ìta á sọ pé ó ń ṣiṣẹ́, òótọ́ sì ni. Nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ìkànnì tó wà ní Yúróòpù kò ní àrùn kankan. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa ló bàjẹ́. Nítorí náà, "ìwọ nìkan ni" lè túmọ̀ sí odindi orílẹ̀-èdè.

Bó bá wá hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni, ẹ má sáré pa gbogbo ohun tó wà nínú búráúsà rẹ́. Ẹ ṣí ojú ibi tí a ń kọ àṣẹ sí lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ kọ ìlà méjèèjì yìí tẹ̀ léra, kí ẹ sì fi orúkọ ìkànnì tó kọ̀ gan-an rọ́pò `portal.example.com`:

```
nslookup portal.example.com
nslookup portal.example.com 1.1.1.1
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń béèrè àdírẹ́sì onínọ́ńbà ìkànnì náà lọ́wọ́ sáfà orúkọ tí ẹ̀rọ yín ń lò, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ti iléeṣẹ́ dátà. Èkejì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Cloudflare. Bí ti àkọ́kọ́ bá kùnà, tí èkejì sì mú nọ́ńbà wá, sáfà orúkọ yẹn ló ń dá yín dúró. Lórí fóònù Android, ẹ wá `Private DNS` nínú ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ kọ `one.one.one.one` síbẹ̀, kí ẹ sì tún ìkànnì náà ṣí. Bí ìlà méjèèjì bá mú nọ́ńbà kan náà wá, orúkọ kọ́ ni ìṣòro, yíyí ètò yìí kò sì ní ṣe nǹkan kan fún yín. Iléeṣẹ́ dátà ni kí ẹ pè, kí ẹ sì fi èsì `check-host.net` hàn wọ́n.