Bí a ṣe ń fi wẹ́ẹ̀lìpọ́ìntì fa omi kúrò nínú kòtò ìpìlẹ̀ oníyanrìn láìjẹ́ kí ilé aládùúgbò rì

Ní Lẹ́kí, àti ní ọ̀pọ̀ ibi mìíràn nílùú Èkó tí wọ́n ti fi yanrìn kún ilẹ̀ àbàtà, ẹni tó bá gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ tó jìn díẹ̀ yóò bá omi pàdé. Tó bá kàn ju pọ́ńpù sínú kòtò náà, omi yóò máa sun wọlé láti ìsàlẹ̀ àti láti ẹ̀gbẹ́, yóò máa gbé yanrìn bọ̀, ìsàlẹ̀ kòtò á di ẹrẹ̀, etí rẹ̀ á sì máa ya lulẹ̀. Wẹ́ẹ̀lìpọ́ìntì ni a fi ń yẹra fún èyí. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó ní asẹ́ nídìí. A máa ń rì wọ́n mọ́lẹ̀ yí kòtò ká, a ó so gbogbo wọn mọ́ páìpù ńlá kan, pọ́ńpù kan yóò sì máa fa omi láti inú wọn kí a tó gbẹ́lẹ̀ dé ibi tí omi wà. Nípa bẹ́ẹ̀, inú yanrìn gbígbẹ ni a ó ti máa ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a mọ ohun tó wà nísàlẹ̀, kì í sì í ṣe lábẹ́ ilẹ̀ tiwa nìkan. Kí ihò àyẹ̀wò jìn tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta jíjìn kòtò, kí ó kéré tán ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ilé aládùúgbò wà. Ohun tí à ń wá gan-an ni amọ̀ rírọ̀ tàbí ilẹ̀ dúdú tí ewé àti gbòǹgbò ti jẹrà sínú rẹ̀, nítorí àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń sọ omi fífà di ewu. Mo rí i pé ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣọ́ owó ná jù nìyí, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ gan-an ni kò yẹ kí a ti ṣọ́ ọ ná.

Ẹ jẹ́ ká fi kòtò kan ṣe àpẹẹrẹ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 20, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 12, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3. Omi wà ní mítà 1 sí ojú ilẹ̀. Yanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ihò àyẹ̀wò fi hàn pé amọ̀ rírọ̀ kan tó nípọn mítà 2 wà láàárín yanrìn lábẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó wà ní mítà 8 sí etí kòtò. Omi gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ní ìdajì mítà ju ìsàlẹ̀ kòtò lọ, èyí ni pé a ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní mítà 2.5. Kì í ṣe inú kòtò nìkan ni omi ti ń lọ sílẹ̀: nínú yanrìn bí èyí, ipa rẹ̀ lè dé ọ̀pọ̀ mítà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dínkù bó ṣe ń jìnnà. Lábẹ́ ilé náà, ẹ jẹ́ ká sọ pé omi yóò lọ sílẹ̀ ní mítà 1.5.

Omi tó wà láàárín hóró ilẹ̀ máa ń bá ilẹ̀ gbé lára ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Mítà kọ̀ọ̀kan tí omi bá fi lọ sílẹ̀ dà bí ìgbà tí a kó ẹrù bíi tọ́ọ̀nù kan lé gbogbo mítà onígun mẹ́rin ilẹ̀ náà. Yanrìn tó le díẹ̀ kò kà á sí: tí ó bá nípọn mítà 5, tọ́ọ̀nù 1.5 kò ní jẹ́ kó rì ju bíi mìlímítà 4 lọ. Amọ̀ rírọ̀ yàtọ̀. Ó lè pàdánù bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìnípọn rẹ̀ fún tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà mítà 2 rẹ̀ yóò rì ní bíi mìlímítà 30. Tí ẹ̀gbẹ́ ilé tó sún mọ́ kòtò bá rì ní 30, tí ẹ̀gbẹ́ kejì, tó wà ní mítà 10 sí i, sì rì ní 10, ìyàtọ̀ náà jẹ́ mìlímítà 20 lórí mítà 10, ìyẹn 1 nínú 500. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń fi ààlà sí kí ògiri má baà sán.

Ohun kan ṣì wà tó lè gbà wá. Amọ̀ kì í rì lójú ẹsẹ̀, nítorí omi inú rẹ̀ kì í tètè jáde. Amọ̀ inú àpẹẹrẹ wa lè má tíì rì kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a ti ń fa omi, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá falẹ̀ di oṣù mẹ́fà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kí irin, sìmẹ́ńtì àti òṣìṣẹ́ ti wà nílẹ̀ kí a tó tan pọ́ńpù.

Kí a tó fa omi, kí a ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti sán lára ilé náà, lójú onílé fúnra rẹ̀, kí a fi àmì sí ara ògiri, kí sọ̀fíyọ̀ sì wọn gíga wọn láti orí ohun kan tó jìnnà sí ibi tí omi yóò dé. Kí a ri páìpù àyẹ̀wò kan mọ́lẹ̀ láàárín kòtò àti ilé náà, láti máa mọ ibi tí omi dé.

Nígbà náà ni a ó wá ri wẹ́ẹ̀lìpọ́ìntì. Bí a bá tò wọ́n ní mítà 1 sí etí kòtò, ìrìn àyíká jẹ́ mítà 72. Tí a bá fi mítà 1.5 sí àárín wọn, méjìdínláàádọ́ta ni a nílò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn tó bíi mítà 6. Omi tí ń tú jáde pẹ̀lú agbára láti ìdí páìpù ni ó ń lànà fún un. Kí a da yanrìn mímọ́ tí hóró rẹ̀ tóbi díẹ̀ yí i ká bí ó ti ń wọlé, nítorí òun ni asẹ́ tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ bá omi lọ. Má ṣe retí pé pọ́ńpù yóò fa omi jìn ju bíi mítà 5 tàbí 6 lọ láti ibi tí páìpù ńlá wà. Bí kòtò bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpele méjì tàbí kànga jíjìn ni ó yẹ.

Nígbà tí pọ́ńpù bá ń ṣiṣẹ́, kí a máa tún fáàfù ara páìpù kọ̀ọ̀kan ṣe. Èyí tó bá ń fa afẹ́fẹ́ máa ń gbọ̀n, ó sì ń gba agbára lọ́wọ́ àwọn yòókù, nítorí náà kí a dín in kù. Kí jẹnẹrétọ̀ àti pọ́ńpù kejì wà ní ìmúrasílẹ̀, nítorí bí omi bá padà wá lójijì, omi àti yanrìn lè máa ru jáde ní ìsàlẹ̀ kòtò bí ìkòkò tó ń hó. Kí a gba omi tó ń jáde sínú ìkòkò ní àràárọ̀, kí ó sì tòrò. Bí ó bá ṣú tàbí tí yanrìn bá ń wà nísàlẹ̀ ìkòkò lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni à ń fà jáde, ihò yóò sì ṣí sábẹ́ ilé ẹlòmíràn, yálà amọ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Kí a wá páìpù tí asẹ́ rẹ̀ ti ya, kí a ti i, kí a rì òmíràn.

Bí ilé náà bá rì ní bíi mìlímítà 10, ó yẹ kí a ti máa dá sí i, kí a má dúró de ogún. A lè dá díẹ̀ nínú omi náà padà sínú ilẹ̀ láti inú àwọn páìpù kan tí a rì láàárín kòtò àti ilé náà, kí páìpù àyẹ̀wò lè fi hàn pé omi gòkè padà. Ohun tó dára jù, tí a bá mọ̀ ṣáájú pé amọ̀ wà níbẹ̀, ni kí a gún ògiri irin pẹlẹbẹ jìn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ náà, kí omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má lè yára sàn wọ inú kòtò.

Kò yẹ kí a pa pọ́ńpù tí ilé tí à ń kọ́ sínú kòtò náà bá ṣì fúyẹ́. Nígbà tí omi bá padà dé mítà 1, yóò ti ìsàlẹ̀ kòtò sókè pẹ̀lú tọ́ọ̀nù 2 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kọnkéré tó nípọn ìdajì mítà kò wúwo ju tọ́ọ̀nù 1.2 lọ. Kí a jẹ́ kí ògiri àti ilẹ̀ òkè wúwo tó, kí a wá dín fífà omi kù díẹ̀díẹ̀, kí a yọ àwọn páìpù, kí a fi yanrìn kún ihò wọn, kí sọ̀fíyọ̀ sì máa wọn ilé aládùúgbò lọ títí tí wíwọ̀n tuntun kò fi ní yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.