Fóònù tí mẹ́nù rẹ̀ ń hàn ní èdè Ṣáínà, tó kọ̀ tí kò yí padà

Fóònù Android àlòkù tí oníbàárà kan gbé wá ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, oníbàárà náà ti wá Èdè Yorùbá nínú rẹ̀, ó sì ti gbé e sókè pátápátá nínú àkójọ èdè. Síbẹ̀ 设置 ló ṣì ń rí níbi tó yẹ kí Settings wà. Ìdí rẹ̀ rèé: fóònù náà mọ Yorùbá lórúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú mẹ́nù rẹ̀ kò sí ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí kò bá rí, èdè tó tẹ̀ lé e nínú àkójọ ló ń lò, Ṣáínà ló sì wà níbẹ̀.

Ẹ tẹ àwòrán kẹ̀kẹ́ eléyín. Ẹ sún lọ sísàlẹ̀ títí dé 系统, ìyẹn System, ẹ wọ ibẹ̀, kí ẹ wá 语言, ìyẹn “èdè”. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àwòrán ayé róbótó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni 添加语言, ìyẹn “fi èdè kún un”, wà pẹ̀lú àmì +; ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fòyà, orúkọ tí èdè kọ̀ọ̀kan ń pe ara rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, English á hàn kedere. Ẹ mú un, kí ẹ di àmì ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, ẹ fà á kọjá Ṣáínà. Yorùbá lè wà lókè, kí English tẹ̀ lé e.

Ibi tó léwu ni 重置选项, ìyẹn Reset options, tó wà nínú 系统 kan náà. Bí ẹ bá rí 清除所有数据, ìyẹn “pa gbogbo rẹ̀ rẹ́”, ẹ yáa jáde: gbogbo fọ́tò àti nọ́ńbà ló fẹ́ nù dànù. Nínú àpótí tó bá ń béèrè nǹkan, 取消 ni “fi sílẹ̀”, 确定 ni “ó dáa”.