"Mo Fara Mọ́ Ọ̀rọ̀ Bàbá": Àṣìṣe Tó Wà Nínú Ìbéèrè Tí A Ń Bi Kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógún ló wà ní kíláàsì ìtàn tí mo ń kọ́ lórí ẹ̀rọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Oníṣòwò wà níbẹ̀, awakọ̀ kan sì wà tó máa ń kọ ìdáhùn rẹ̀ láti gáréèjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo bi wọ́n pé: "Kí ni àwọn ohun tó fa ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé? Ẹ jíròrò." Mo pa ẹ̀rọ dé, mo lọ sùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá kan láàárín wọn, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ti to ìdí mẹ́fà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí mo lè bá a jà lé lórí. Ohun tó tẹ̀ lé e ni: "Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá." "Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán." "Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀." Ẹni mẹ́rìndínlógún ló kọ irú rẹ̀. Àwọn yòókù kò kọ nǹkan kan, ká sòótọ́, tiwọn tẹ́ mi lọ́rùn ju ti àwọn tó kọ lọ.

Mo pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Nígbà tí mo wá bá ọmọbìnrin kan nínú wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tó bi mí ni pé: "Mà, ìdí keje wo lẹ fẹ́ kí n lọ wá?" Mi ò rí èsì fún un. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ìbéèrè mi ló lẹ́jọ́.

Ìbéèrè tí ẹni àkọ́kọ́ lè dáhùn tán

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyí, òun ni mo sì fẹ́ pẹ́ lé lórí. Tí a bá ní "kí ni àwọn ohun tó fa...", "ẹ dárúkọ àǹfààní...", "ẹ ṣàlàyé ìtumọ̀...", àkójọ la béèrè fún. Àkójọ sì ní òpin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa kó o tán, bí ẹni tó dé ìdí àwo ọbẹ̀ ṣáájú àwọn ẹlòmíràn. Ẹni kejì lè rí eegun kan mú. Ẹni kẹwàá kò ní nǹkan kan láti ṣe ju kó kí àwọn tó ti jẹun lọ.

Ẹ lè mọ̀ kí ẹ tó gbé ìbéèrè síta. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ kọ ìdáhùn tó dára jù lọ sí i. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi ara yín pé: tó bá jẹ́ pé ìdáhùn yìí ni ẹni àkọ́kọ́ kọ, kí ni ẹni karùn-ún máa rí sọ? Tí ẹ kò bá rí nǹkan kan, a jẹ́ pé ìdánwò ni ìbéèrè náà, kì í ṣe ìjíròrò. Kò burú pé kó jẹ́ ìdánwò. Kí kálukú dáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín nìkan.

Báyìí ni mo ṣe tún tèmi ṣe. Mo fún wọn ní àkójọ náà fúnra mi, kí ẹnikẹ́ni má baà fi í ṣe ìdáhùn: ìjà Aláàfin pẹ̀lú àwọn ìjòyè afọbajẹ tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní Ìlọrin, àti bí àwọn ìlú tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ṣe ń já ara wọn gbà. Mo wá kọ ọ́ pé: "Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èwo lẹ máa yọ tí Ọ̀yọ́ Ilé ìbá fi dúró? Ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo tó gbè yín lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ẹ bá gbọ́ tó máa mú yín yí ọkàn padà."

Ẹ wo ohun tí apá kọ̀ọ̀kan ń ṣe. "Ẹ yọ ọ̀kan" ò jẹ́ kí ènìyàn sọ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. "Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo" ń fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí pé ẹni méjì lè yan ohun kan náà kí ẹ̀rí wọn yàtọ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn ló ṣọ̀wọ́n jù nínú ìbéèrè olùkọ́, òun ló sì ń ṣiṣẹ́ jù: ẹni tó bá sọ ohun tó lè yí òun lọ́kàn padà ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún ẹnì kejì, ẹnì kejì náà á sì mọ ibi tó máa gbà wọlé.

Gbígbàgbé pé ojú àgbà wà níbẹ̀

Mo rò pé ìbéèrè mi ti pé. Bàbá tún kọ́kọ́ dé, ó yan Àfọ̀njá. Ẹni márùn-ún tó tẹ̀ lé e yan Àfọ̀njá, ẹ̀rí wọn náà sì jọra: Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó kẹ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀, tó pe àlùfáà Fúlàní kan, Àlímì, mọ́ra, tí àwọn jagunjagun tó kó jọ fúnra rẹ̀ wá pa á.

Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, a kì í sì kọ́ ọmọ wa láti já àgbà nírọ́ ní gbangba. Síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan. Ní ọdún 1951, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Sólómónì Áṣì, ṣe ìdánwò kan tí gbogbo ayé mọ̀. Ó fi ìlà han àwọn ènìyàn pé kí wọ́n sọ èyí tó gùn bákan náà pẹ̀lú ìlà àpẹẹrẹ. Ojú lásán ló máa rí i. Ṣùgbọ́n ó ti bá àwọn yòókù nínú yàrá dì í pé kí wọ́n jọ sọ èyí tí kò tọ̀nà. Nínú bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn, ẹni tí kò mọ̀ nípa àdéhùn náà tẹ̀ lé wọn. Ohun tó wúlò fún wa jù ni ohun tó rí nígbà tó yí ètò padà: tí ẹnì kan péré nínú yàrá bá sọ òótọ́, ìtẹ̀lé náà a dín kù gan-an. Tí ènìyàn bá kọ ìdáhùn tirẹ̀ sí ìwé dípò kó sọ ọ́ sétí àwọn yòókù, ó tún ń dín kù.

Ohun méjì ni mo ṣe nítorí èyí. Àkọ́kọ́, kálukú kọ ìdáhùn rẹ̀ kó tó rí ti ẹlòmíràn. Àwọn tó ń lo Moodle, ètò ìkọ́ni orí ẹ̀rọ, ní irú ojú ewé kan fún èyí, `Q and A` ni wọ́n ń pè é: ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni àfi tí ẹ bá ti kọ tiyín. Kó má yà yín lẹ́nu pé kò ṣí lójú ẹsẹ̀. Ó máa dúró kí àkókò tí ènìyàn fi lè tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ kọjá, ìṣẹ́jú 30 ni bí ẹni tó ń bójú tó o kò bá yí i padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pè mí lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Ẹni tí kò bá ní Moodle lè gba ìdáhùn wọn lórí Wáásáàpù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí di aago mẹ́jọ alẹ́, kó wá kó gbogbo rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

Ìkejì, mo pín ẹgbẹ́ fún wọn. Mo fi nọ́ńbà tó wà níwájú orúkọ wọn pín wọn sí mẹ́ta, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbèjà ìdí kan, ì báà wù wọ́n, ì báà má wù wọ́n. Ojú àgbà kò tún ní lára mọ́, nítorí pé kálukú lè sọ pé olùkọ́ ló ní kí òun sọ ọ́. Ọmọbìnrin orí fóònù yẹn bọ́ sí ẹgbẹ́ ìjà ààfin. Ó kọ ọ́ pé ní 1774 ni Aláàfin Abíọ́dún borí Baṣọ̀run Gáà, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, pé Gáà sì ti rán Aláàfin bíi mélòó kan sọ́run kó tó dìgbà náà. Nítorí náà, ilé náà ti ń sán kí Àfọ̀njá tó di Kakaǹfò. Bàbá dá a lóhùn pé Abíọ́dún ṣáà tún ilé ṣe lẹ́yìn Gáà, ilé tí a bá sì tún ṣe kò yẹ kó wó láìsí ẹni tó tì í. Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mo tú ẹgbẹ́ ká, mo ní kí kálukú sọ ti inú rẹ̀. Ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí, kí wọ́n má baà rò pé ìjà ẹnu lásán lẹ kọ́ wọn.

"Ẹ dáhùn ọ̀rọ̀ ẹni méjì"

Àṣẹ yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ, òun ló sì ń bí "ẹ kú iṣẹ́" jù lọ. A sọ iye, a ò sọ iṣẹ́. Èyí tí mo ń lò báyìí ni: "Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ̀rí rẹ̀ kò bá tiyín mu. Ẹ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ní gbólóhùn kan tí òun náà máa gbà pé ohun tí òun sọ nìyẹn, kí ẹ wá bi í ní ìbéèrè kan tí kò ṣeé dáhùn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́." Ẹyọ kan irú rẹ̀ ti tó. Àtúnsọ yẹn ni kì í jẹ́ kó dìjà.

Àwọn àṣìṣe kéékèèké wà tí kò gba àlàyé púpọ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé "Ṣé ẹ ò rò pé ọ̀dàlẹ̀ ni Àfọ̀njá?", ẹ ti fún wọn ní ìdáhùn. Tí ẹ bá to ìbéèrè márùn-ún sínú ẹyọ kan, èyí tó rọrùn jù ni wọ́n máa dáhùn. Tí olùkọ́ bá sì bọ́ sí i ní wákàtí àkọ́kọ́ pé "ẹ ṣeun, òótọ́ ni", ó ti pa á nìyẹn. Ẹ dákẹ́ títí di ọjọ́ kejì.

Bíbéèrè ohun tí gbogbo wọn kà nínú ìwé kan náà

Tí gbogbo kíláàsì bá ka ojú ewé kan náà, ibo ni ìyàtọ̀ ti fẹ́ wá? Ẹ bi wọ́n ní ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà ogun ìgbà ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ènìyàn láti ìlú púpọ̀ sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Aláàfin Àtìbà ní tirẹ̀ sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun ní àwọn ọdún 1830. Mo ní kí wọ́n bi àgbàlagbà kan nílé pé: "Ibo ni ìdílé wa wà kó tó dé ibi tó wà yìí, kí ló sì lé wọn?" Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ ibi tí ìtàn ilé ti ta ko ohun tí a kà.

Ìkìlọ̀ kan: ìbéèrè yìí lè kan oyè àti ilẹ̀. Ẹ má béèrè ìdílé tó kọ́kọ́ dé tàbí ẹni tí oyè tọ́ sí. Ẹjọ́ lè wà nílẹ̀ lórí rẹ̀. Mo tún ń jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ilé pamọ́. Tí kíláàsì bá sì ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ, ẹ pín in sí ẹni mẹ́jọ mẹ́jọ, nítorí ẹnikẹ́ni kì í ka ìtàn ogójì ilé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni awakọ̀ wa kọ èyí tó gùn jù láti gáréèjì. Ó ní ìyá àgbà òun sọ pé kì í ṣe ogun ló lé àwọn dé Ògbómọ̀ṣọ́ rárá, ọjà ni wọ́n bá wá. Ẹni mọ́kànlá ló bi í ní ìbéèrè. Bàbá ni àkọ́kọ́: "Ọjà wo ni wọ́n ń ná nígbà náà, kí sì ni wọ́n ń tà?" Ó ní òun máa padà lọ bi ìyá náà lọ́jọ́ Àìkú.