Bí a ṣe pinnu iṣẹ́ abẹ nígbà tí ọmọ kọ orí sókè nínú ilé ọmọ

Nígbà tí oyún àkọ́kọ́ mi pé ọ̀sẹ̀ 36, agbẹ̀bí tó ń tọ́jú mi ní ilé ìwòsàn kan ní agbègbè Yábàá fi ọwọ́ wá orí ọmọ ní ìsàlẹ̀ ikùn mi, ṣùgbọ́n abẹ́ ìhà mi lókè ni ó ti bá ohun líle tó rí róbótó. Àwòrán inú tí wọ́n yà fún mi fi hàn pé ọmọ náà jókòó ni, ó ká ẹsẹ̀ kan, ó sì na èkejì sí ìhà ẹnu ilé ọmọ. Dókítà ṣàlàyé pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí oṣù wọn pé, bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó máa ń wà bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n ní kí a gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí ọmọ náà láti òde ikùn. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń mú iṣan ilé ọmọ dẹ̀, dókítà sì ti ìdí ọmọ kúrò ní ibàdí mi, ó ń rọra darí orí rẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fi ẹ̀rọ gbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún ni ọmọ wọn ń yí. Tèmi kò yí, ìlù ọkàn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà dókítà dáwọ́ dúró.

Ìgbà yìí ni wọ́n wá gbà wá nímọ̀ràn iṣẹ́ abẹ. Ìyá ọkọ mi, tó bá wa lọ, kò gbà. Wọ́n ní, “Dókítà, gbogbo Ìgè tí a mọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣé abẹ ni wọ́n fi bí wọn?” Ìbéèrè gidi ni lójú tèmi, inú mi sì dùn pé dókítà kò fi ṣe ẹ̀rín. Ó ní, “Mọ́mì, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n àwọn tó yè nìkan lẹ mọ̀ ní Ìgè.” Ó ṣàlàyé pé orí ni ó tóbi jù lára ọmọ, bí ó bá ṣáájú, ó ti la ọ̀nà fún ara yòókù, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ṣáájú, ara lè ti jáde tán kí orí há, ìwọ́ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún ọmọ yóò sì wà ní fífún pọ̀. Ó fi kún un pé àwọn agbẹ̀bí tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ṣì ń gbẹ̀bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹni tí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà léwu jù, torí pé bí omi bá já, ìwọ́ lè yọ jáde ṣáájú ọmọ.

Ohun tó mú kí èmi àti ọkọ mi gbà nìyẹn. Bí ìwọ́ bá yọ, ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà, Ọ̀ṣòdì ni a sì ń gbé, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ kò ti mọ aláboyún. Mo bi dókítà ohun tí abẹ yóò gbà lọ́wọ́ èmi fúnra mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ lè dà jù, egbò lè kó kòkòrò, ẹ̀jẹ̀ lè dì ní ẹsẹ̀, àti pé nínú oyún mìíràn ibi ọmọ lè so mọ́ ojú àpá. Ká ní ibi ọmọ ló dí ẹnu ilé ọmọ pátápátá ni, tàbí pé ọkàn ọmọ ń rẹ̀wẹ̀sì nínú ìrọbí, kò ní sí àyè fún irú àròyé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 39 ni wọ́n dá ọjọ́ sí, torí pé ọmọ tí a bá tètè gbé jáde ṣáájú rẹ̀ lè máa jà fún èémí. Ọkọ mi lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò jẹun fún wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà wọ́n tún yàwòrán inú mi, torí pé ọmọ a máa dédé yí fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn.

Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn, ara mi sì kú láti àyà dé ẹsẹ̀, ojú mi ṣì là sílẹ̀. Wọ́n ki rọ́bà ìtọ̀ bọ̀ mí, wọ́n fún mi ní oògùn tó ń pa kòkòrò, wọ́n sì la ikùn mi ní ìbú lókè irun abẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n la ìsàlẹ̀ ilé ọmọ. Kò dùn mí, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ń fà, wọ́n ń tì. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ igbe ọmọ. Rírán ni ó gba àkókò jù.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n yọ rọ́bà náà, wọ́n sì ní kí n dìde rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Wọ́n ní kí n padà wá kíákíá bí ibà bá mú mi, bí egbò bá ń ṣe ọyún, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà jù tàbí bí ẹsẹ̀ kan bá wú. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ irú ọ̀nà tí wọ́n gbà la ilé ọmọ sínú ìwé mi, torí pé àpá ara lásán kò lè sọ ọ́ fún dókítà mìíràn, bẹ́ẹ̀ òun ni wọn yóò kọ́kọ́ wò bí mo bá fẹ́ bí èyí tó tẹ̀ lé e láìlo abẹ.