Bí mo ṣe rí àkúnwọ́sílẹ̀ lára 74LS283 tó fi C3 pamọ́

Yàrá wa nítòsí Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti to ẹ̀rọ yìí sórí brẹ́ẹ̀dìbọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ kó máa ro nọ́ńbà oníbíìtì mẹ́rin méjì, A àti B, pọ̀, kó sì tún lè yọ B kúrò nínú A. Pawabáńkì ló ń fún un ní fóòtì 5. Ta ló fẹ́ gbójú lé iná ìjọba?

74LS283 ló ń ṣe ìròpọ̀. Ìyọkúrò kò nílò ẹ̀rọ mìíràn, torí nínú túùsì kọ́mpílímẹ́ǹtì, bí a bá yí gbogbo bíìtì B padà, tí a fi 1 kún un, òdì B ló dé yẹn. Mo gba bíìtì B kọ̀ọ̀kan kọjá nínú géètì ẹ́kísọ̀ kan lára 74LS86, mo sì so ẹsẹ̀ kejì àwọn géètì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ súwíìṣì kan ṣoṣo, M. Tí M bá jẹ́ 0, B á kọjá bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ 1, á yí padà. M yìí kan náà ló wọ C0, ẹsẹ̀ keje 74LS283, ibẹ̀ ni 1 tí a ń fi kún un ti ń wá.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àkúnwọ́sílẹ̀. Láti −8 dé 7 nìkan ni bíìtì mẹ́rin lè gbà. Mo ro 5 mọ́ 4, ó gbé 1001 jáde, ìyẹn −7. Kárì tó ń jáde, C4, kò lè kìlọ̀ fún wa: nínú 5 − 3, C4 jẹ́ 1, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn rẹ̀, 0010, pé pérépéré. Kárì tó wọ bíìtì àmì, C3, àti èyí tó jáde níbẹ̀, C4, ni ká fi wéra. Tí wọn kò bá dọ́gba, ó ti kún jù.

Àmọ́ C3 kò ní ẹsẹ̀ lára 74LS283, inú ló wà. Mo wá rántí pé àròpọ̀ bíìtì àmì fúnra rẹ̀ ti gbé C3 sínú, nítorí náà a lè yọ ọ́ jáde:

```
S3 = A3 ⊕ X3 ⊕ C3
V  = A3 ⊕ X3 ⊕ S3 ⊕ C4
```

V ni àmì àkúnwọ́sílẹ̀, ⊕ ni ẹ́kísọ̀, X3 sì ni B3 lẹ́yìn tó ti kọjá nínú ẹ́kísọ̀. Géètì mẹ́ta tó fún V, nítorí náà mo ra 74LS86 kejì. Ẹ ṣọ́ra, láti 1 ni ìwé 74LS283 ti ń ka bíìtì: S3 tiwa ni Σ4 tiwọn, ẹsẹ̀ kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé ní, “Ṣé o ò kàn ní fa wáyà láti súwíìṣì B3 ni? Ó sún mọ́ ọn jù.” A fi 3 − 5 dán an wò. Ìdáhùn jáde ní 1110, −2, ó tọ̀nà, síbẹ̀ iná V tàn. A dá wáyà náà padà sí X3, iná kú. Pẹ̀lú 5 + 4, ó tàn bó ṣe yẹ.

Ẹni tó bá ń ka nọ́ńbà náà láìsí òdì, láti 0 dé 15, kó pa V tì, C4 ni kó wò. Nínú ìyọkúrò, tí C4 bá jẹ́ 0, B ló ju A lọ.